Wọ́n ní mi ò wò, mo sì wò: kí ni olùdánwò ìwakọ̀ ń wá gan-an?

Àdùnní Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ṣe ìdánwò ìwakọ̀ mi àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì fìdí rẹmi. Ìfìdírẹmi náà ò dùn mí tó ìdí tí wọ́n fún mi.

Ọkọ̀ ò kú mọ́ mi lọ́wọ́. N ò gun etí títì. N ò sáré. Nígbà tá a padà dé, ọ̀gá tó dán mi wò fún mi ní ìwé, mo rí i pé ó fa àmì síwájú "àkíyèsí" lẹ́ẹ̀mẹ́rin: ìgbà tí mo kúrò létí títì, ìgbà tí mo kúrò lójú ìlà kan bọ́ sí èkejì, ìgbà tí mo ń yà sí ọ̀tún, àti ìgbà tí mo ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn. Ó tún kọ ọ́ pé mi ò dúró tán níbi àmì DÚRÓ. Mo sọ fún un pé gbogbo ìgbà ni mo wo díńgí. Ó ní òun ò rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ojú mi ni mo fi wò, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá mo wò tàbí mi ò wò?

Ìbéèrè kejì rèé: pámíìtì akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń lò ku ọ̀sẹ̀ méje kó parí. Ṣé kí n tètè gba ọjọ́ ìdánwò míì ni, àbí kí n kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ mi?

Ọ̀gá Eré

Àbúrò, fara balẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ò ju mẹ́ta lọ. Ọwọ́ rẹ lórí sítíárìn, kí ọkọ̀ má kú, kó o sì dúró ní àmì DÚRÓ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 3. Ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó o tó lọ. Tó o bá ti ka 3, kò sẹ́ni tó lè bi ọ́ ní nǹkan kan.

Ti díńgí yẹn, ọ̀rọ̀ ìwòran lásán ni. Máa mi orí rẹ bí alángbá, wọ́n á gbà pé o ń wò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ tí mo fi gba láísẹ́ǹsì tèmi, láti 1998.

Bàbá Ìbejì

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èmi náà, ojú ni wọ́n fi dá mi padà, nítorí náà mo mọ bó ṣe ń dunni. Mi ò kọ́ ọkọ̀ lọ́mọdé, ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo tó bẹ̀rẹ̀. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, wọ́n ní kí n ka lẹ́tà tó wà lára ògiri. Mo fa awò ojú mi yọ, èyí tí mo fi ń ka ìwé ìròyìn ní gbogbo òwúrọ̀, mo gbé e sójú. Ọmọ mi, gbogbo lẹ́tà náà dà bí ìgbà tí ọṣẹ wọ̀ mí lójú! Mo ní kí ọmọbìnrin yẹn sún pátákó náà mọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú mi kò ní sún mọ́ mi kí n tó rí i.

Tí ó bá jẹ́ ojú ni, lọ ra awò tuntun.

Àdùnní Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ ṣé, Bàbá. Èmi yege nínú ti ojú o, kí wọ́n tó fún mi ní pámíìtì rárá. Ìwakọ̀ gan-an ni mo ti kọsẹ̀.

Olùkọ́ Sítíárìn

Ọ̀gá Eré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi alángbá sílẹ̀. Alángbá ń mi orí, kò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀. Ẹni tó ń mi orí lásán máa ń já ara rẹ̀ kulẹ̀: á yí orí sí apá kan, kẹ̀kẹ́ á wà níbẹ̀, á sì yà lu kẹ̀kẹ́ náà. Tí olùdánwò bá ti rí irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Àdùnní, kí n tó dá ọ lóhùn, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan méjì. Ṣé o máa ń lo awò ojú tó o bá ń wakọ̀? Tó o bá ń lò ó, irú férémù wo ni?

Àdùnní Akẹ́kọ̀ọ́

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n, mo ń lò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ ojú mi wò, wọ́n ní kí n bo ojú kan, kí n ka lẹ́tà, kí n bo èkejì. Láìsí awò, ìlà kẹta ni mo ti dúró. Nígbà tí mo gbé awò sójú, mo kà á dé ibi tí wọ́n fẹ́. Wọ́n sì kọ ọ́ sára pámíìtì pé dandan ni kí n lo awò.

Férémù rẹ̀ kéré, gíláàsì rẹ̀ ò ju ìka mẹ́ta lọ ní fífẹ̀. Apá tó lọ sí etí nípọn díẹ̀. Kí ló dé?

Olùkọ́ Sítíárìn

Ó dára. Mo ti fura tẹ́lẹ̀.

Olùdánwò kò lè rí inú ẹyinjú rẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ló jókòó sí, ojú ọ̀nà ló ń wò jù, ìgbà díẹ̀díẹ̀ ló ń wo ìwọ. Ohun tó lè rí ni orí rẹ àti àgbọ̀n rẹ. Ẹni tí kò lo awò lè fi ẹyinjú nìkan wo díńgí ẹ̀gbẹ́, orí rẹ̀ á sún díẹ̀ ṣá, olùdánwò tó mọṣẹ́ á rí i. Ìwọ ń lo awò kékeré. Ibi tí gíláàsì awò bá parí sí, ibẹ̀ ni ìríran rẹ tó mọ́ kedere parí sí. Tó o bá fi ẹyinjú nìkan wo ẹ̀gbẹ́, o ti wò kọjá gíláàsì: apá férémù tó nípọn lo rí, tàbí ìríran bàìbàì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ pé kó o lo awò. O wò lóòótọ́, àmọ́ bóyá lo rí. Nítorí náà, mi ò rò pé ọ̀gá yẹn rẹ́ ọ jẹ.

Dán an wò lónìí láì tan ọkọ̀. Jókòó sídìí sítíárìn, gbé awò sójú, má mi orí. Fi ẹyinjú nìkan wo díńgí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí ọ. Sọ ohun tó o rí fún wa.

Títí Aláwò

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, ìmọ̀ràn yín lè ná an lówó lásán. Awò ìkàwé ni ẹ lò lọ́jọ́ náà. Ohun tó wà nítòsí, bí ìwé lọ́wọ́, ni wọ́n ṣe é fún, ohun tó jìnnà á sì dàrú nínú rẹ̀. Bóyá ojú yín ò tilẹ̀ nílò awò kankan láti wo ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá ń lo méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń mú lọ síbi àyẹ̀wò.

Ní ti lẹ́tà ara ògiri, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń béèrè 6/12 fún ọkọ̀ kékeré. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ìwọ dúró sí mítà 6, o ka ohun tí ẹni tójú rẹ̀ pé máa kà láti mítà 12. Ibòmíì wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ara ọkọ̀ ni wọ́n á ní kó o kà láti mítà 20, níta gbangba, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà níwájú kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ṣá o. Wọ́n tún máa ń yẹ ẹ̀gbẹ́ ojú wò: wò iwájú gangan, má yẹjú, kó o sọ ìgbà tó o bá rí iná tàbí ìka tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbi púpọ̀, ohun tí ojú méjèèjì ń rí pa pọ̀ láti òsì dé ọ̀tún gbọ́dọ̀ tó digírì 120. Apá férémù tó nípọn máa ń jẹ lára rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn tó fẹ́ wakọ̀ pé kí wọ́n mú férémù tí apá rẹ̀ tín-ínrín, tí gíláàsì rẹ̀ sì gbòòrò. Wọn kì í gbọ́, torí ẹwà.

Àdùnní Akẹ́kọ̀ọ́

Mo padà dé. Mo jókòó sínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi bí ẹ ṣe sọ. Mi ò mi orí. Mo fi ẹyinjú wo díńgí ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà. Ìdajì díńgí nìkan ni mo rí nínú gíláàsì awò, ìdajì yòókù jẹ́ àwọ̀ lásán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó na ìka sókè, ó ní mélòó ni. Mo ní méjì. Mẹ́rin ló nà.

Nígbà tí mo yí orí, mo rí i kedere. Ojú tì mí.

Ọ̀gá Eré

Ẹ̀yin ń fi awò ojú bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ti àmì DÚRÓ ńkọ́? Tó bá ka 3, ṣé wọ́n á sọ pé kò dúró tán?

Olùkọ́ Sítíárìn

Ẹ jẹ́ ká mú àmì DÚRÓ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú láì mọ̀.

Kíka 3 ò burú, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń kọ́ọ̀yàn bẹ́ẹ̀ kó má bàa kánjú. Àmọ́ olùdánwò kì í ka nǹkan kan. Táyà ló ń wò. Ẹni tó ka 3 nígbà tí táyà ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀ kò tíì dúró. Béèyàn ṣe ń mọ̀ ni pé, tí ọkọ̀ bá ń dúró, imú rẹ̀ máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ìgbà tó bá dúró tán pátápátá, imú náà á padà sẹ́yìn, wàá fi ẹ̀yìn rẹ kan ìjókòó díẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé tí ọkọ̀ ò bá tíì kí ọ padà, o ò tíì dúró. Tí o bá rọra tú bíréèkì kí ìkíni náà tó dé, ara ọkọ̀ á balẹ̀ jẹ́ẹ́, ó dùn mọ́ èrò, ṣùgbọ́n táyà ò dúró.

Ohun kejì ni ibi tó o dúró sí. Ìlà funfun ni, tàbí kó o tó kan ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá, tí kò bá sí ìlà. Níbi púpọ̀, tó o bá dúró síbẹ̀, ògiri tàbí igi máa ń dí ọ lójú, o ò ní rí ọ̀nà tó ń dábùú. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ronú pé, "mi ò rí nǹkan, ẹ jẹ́ kí n sún síwájú kí n dúró níbẹ̀." Rárá. Dúró ní ìlà ná, tán pátápátá. Lẹ́yìn náà, sún díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi rí ọ̀nà lápá méjèèjì, dúró lẹ́ẹ̀kejì tí nǹkan bá ń bọ̀, kó o tó wọlé. Ìdúró méjì ni. Ẹni tó fo ti àkọ́kọ́ ló máa ń wá sọ fún mi pé "mo dúró o!" Ó dúró lóòótọ́, ọkọ̀ rẹ̀ ti kọjá ìlà.

Àdùnní, ibo lo dúró sí?

Àdùnní Akẹ́kọ̀ọ́

Háà. Igi ńlá kan wà níbẹ̀. Mo sún kọjá rẹ̀ kí n tó dúró. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ni mo dúró.

Olùkọ́ Sítíárìn

O ti rí i. Ní ti àkíyèsí, mú ibi kan ṣoṣo kọ́ dáadáa, àwọn yòókù á tẹ̀lé e: bíbọ́ sójú ìlà kejì.

Wo díńgí àárín. Wo díńgí ẹ̀gbẹ́ tó o fẹ́ lọ. Fi iná ìtọ́ka hàn. Yí àgbọ̀n rẹ kọjá èjìká, wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, padà sí iwájú. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn lọwọ́ rẹ tó kan sítíárìn. Ohun tí mò ń rí lára akẹ́kọ̀ọ́ ni pé iná ìtọ́ka ló máa ń kọ́kọ́ ṣe, á wá máa wá àyè kiri. Ìyẹn ti pẹ́ jù, o ti ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn pé ò ń bọ̀ kó o tó mọ̀ bóyá àyè wà.

Ìdí tá a fi ń wo èjìká: tó o bá tún díńgí ṣe dáadáa, apá kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ lọ, tí díńgí kankan ò dé. Alùpùpù wọ ibẹ̀ pátápátá láì ṣẹ́ kù. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ rìn láti ẹ̀yìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó dúró, ìwọ sì wò ó nínú díńgí. Àyè kan máa wà tí á ti pòórá. Lẹ́yìn tó o bá rí i fúnra rẹ, o ò tún ní nílò kẹ́nikẹ́ni sọ fún ọ pé kó o yí orí.

Wíwo èjìká yẹn, kó yá. Ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń rin bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tó o bá tẹjú mọ́ ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, o ti rin mítà 28 láì rí iwájú. Àwọn kan tún máa ń fa sítíárìn tẹ̀lé ojú wọn, ọkọ̀ á rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kí ojú nìkan lọ.

Ní ti fífi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, gíláàsì ẹ̀yìn ni kó o wò jù, má fi díńgí nìkan ṣe é. Tí ẹlẹ́sẹ̀ bá ń bọ̀, dúró, jẹ́ kó kọjá. Mi ò rí olùdánwò tó fi ìdúró gba àmì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn.

Káyọ̀dé Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ orí àti ọrùn, èmi ò tilẹ̀ dé orí ọ̀nà. Mo gbé ọkọ̀ àbúrò bàbá mi lọ. Olùdánwò ní kí n tẹ bíréèkì, ó lọ sẹ́yìn, ó padà wá, ó ní iná bíréèkì kan ò tàn. Ó ní kò sí ìdánwò. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Gílóòbù kékeré kan ni!

Tó o bá fẹ́ gbé ọkọ̀ tara rẹ lọ, ní kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ ìṣáájú, kó o tẹ bíréèkì, kó o fi iná ìtọ́ka hàn lápá méjèèjì. Wo táyà, wo họ́ọ̀nù, wo bẹ́líìtì ìjókòó ti ẹni tó máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bẹ́líìtì yẹn kan olùdánwò gan-an, òun ló máa dè é.

Àbẹ̀kẹ́ Oníwèé

Ọ̀rọ̀ pámíìtì ni mo fẹ́ mú, torí Àdùnní bi í, ẹ̀yin ò dáhùn.

Àdùnní, má fi ọ̀sẹ̀ méje tàn ara rẹ jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ibi púpọ̀ ló máa ń ní kí ẹni tó fìdí rẹmi dúró fún iye ọjọ́ kan kó tó tún lọ. Ẹ gbà pé ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ tiyín. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀ lè jìnnà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyẹn ti di mẹ́fà. Tí òjò bá rọ̀ tàbí tí ara olùdánwò ò bá yá, tí wọ́n sún ọ síwájú ọ̀sẹ̀ kan péré, pámíìtì rẹ ti parí. Ọjọ́ ìdánwò gan-an ni pámíìtì gbọ́dọ̀ ṣì wà láàyè, ọjọ́ tó o gba ọjọ́ ìdánwò kọ́. Èmi ti rìn síbẹ̀ rí, pámíìtì mi parí lánàá ọjọ́ náà. Olùdánwò wò ó, ó wò mí, ó ní ká máa lọ sílé.

Tí mo bá jẹ́ ìwọ, mo máa tún pámíìtì ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kí n tó gba ọjọ́ rárá. Béèrè bóyá ìdánwò òfin ojú ọ̀nà tó o ti kọ, tó o sì yege, náà ní ọjọ́ tó ń parí, ó máa ń yàtọ̀ sí ti pámíìtì, àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Nígbà tó o bá ń fi orúkọ sílẹ̀, kọ ọ́ bó ṣe wà lára ìwé ìdánimọ̀ rẹ gẹ́lẹ́. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó fi orúkọ ọkọ gba ọjọ́, orúkọ bàbá ló wà lára pámíìtì rẹ̀. Owó ìdánwò náà sọnù.

Tí ọjọ́ bá jìnnà jù, máa padà yọjú sí ibi tí wọ́n ti ń gba ọjọ́ ìdánwò láàárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn tó ń fagi lé tiwọn máa ń dá àyè sílẹ̀.

Àdùnní Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ti ìdánwò òfin yẹn, mi ò tiẹ̀ ronú kàn án. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó, ó ṣì ku oṣù mẹ́jọ. Mo máa tún pámíìtì ṣe ní ọ̀la.

Ọ̀gá Eré

Mo gbà nípa ìdúró méjì yẹn. Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ nípa bí ọwọ́ ṣe ń yí sítíárìn ṣá o. Ọ̀gá tó dán mi wò sọ pé tí ọwọ́ mi bá kọjá ara wọn lórí sítíárìn, ìjákulẹ̀ ni.

Olùkọ́ Sítíárìn

Ti ọwọ́ yẹn, olùdánwò ò jọra. Èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ ń wò ó bóyá o darí ọkọ̀ dáadáa, wọn ò bìkítà bí ọwọ́ ṣe kọjá ara wọn. Àwọn kan ṣì wà tó gba ọ̀nà tí wọ́n kọ́ ẹ̀yin níbẹ̀ gbọ́. Èmi ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ mi kí wọ́n máa fa á, kí wọ́n máa tì í, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí rẹ̀. Àmọ́ mi ò lè sọ fún yín pé gbogbo wọn á gbà fún ẹni tó gbé ọwọ́ kọjá.

Ti ọkọ̀ kíkú náà, tó bá kú lẹ́ẹ̀kan, tó o tún un tan láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àṣìṣe kékeré ni. Tó bá kú láàárín ìkòríta, tí ọkọ̀ ń bọ̀, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Àṣìṣe kékeré tó ń padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, olùdánwò lè kà á sí ńlá, bíi ti Àdùnní yìí. Èyí tó sì jẹ́ pé òun gan-an ní láti fọwọ́ kan sítíárìn tàbí kó tẹ bíréèkì fún ọ, ìdánwò ti parí níbẹ̀, kódà tí o bá ti ṣe gbogbo ìyókù bí ọba.

Bàbá Ìbejì

Títí, ọmọ mi, o ṣeun. Mo padà lọ láì gbé awò sójú. Mo kà á dé ibi tí wọ́n ń fẹ́, ọmọbìnrin yẹn tún rẹ́rìn-ín. Wọn ò kọ nǹkan kan sára tèmi. Owó tí mo fẹ́ fi ra awò tuntun wà lápò mi.

Títí Aláwò

Ẹ kú oríire, Bàbá! Ẹ ṣáà máa mú awò ìkàwé lọ́wọ́ fún àwọn ohun kékeré tó wà nínú ọkọ̀, tí ẹ bá rí i pé wọ́n ń bàìbàì. Kí ẹ má lò ó láti wo ọ̀nà.

Àdùnní Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dé.

Mo ra férémù tuntun tó gbòòrò. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ipò olùdánwò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kó má sọ̀rọ̀, kó kàn fi bírò fa àmì sórí ìwé nígbàkígbà tí àgbọ̀n mi ò bá yí. Ọjọ́ kìíní, àmì mọ́kànlá. Ọjọ́ kẹta, méje. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, méjì, àwọn méjèèjì sì jẹ́ nígbà tí mo ń kúrò létí títì. Mo rí ohun tó fà á: mo máa ń wò, mo wá jókòó máa wá jíà, ìgbà tí mo bá rí i, ohun tí mo wò tẹ́lẹ̀ ti yí padà. Mo ti ń fi ọkọ̀ sí jíà ná báyìí, kí n tó wò, kí n sì lọ lójú ẹsẹ̀.

Ti ìkíni ọkọ̀ yẹn, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi gbogbo ìgbà. N kò mọ bí mi ò ṣe gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Pámíìtì mi ti tuntun. Mo rí àyè kan láàárọ̀ kùtùkùtù bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe sọ, ẹnì kan ló fagi lé tiẹ̀. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ku ìbéèrè kan ṣoṣo: ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kì í lo kílọ́ọ̀ṣì, fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà. Ṣé tí mo bá fi ṣe ìdánwò, wọ́n á gbà kí n wa ti oníkílọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀?

Káyọ̀dé Bọ́ọ̀lù

Níbi tí mo wà, wọn kì í gbà á. Wọ́n á kọ ọ́ sára láísẹ́ǹsì rẹ pé aláìníkílọ́ọ̀ṣì nìkan.

Ọ̀gá Eré

Lọ́dọ̀ wa, wọ́n gbà á.

Olùkọ́ Sítíárìn

Ẹ̀yin méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́, òfin ibi kan yàtọ̀ sí ti ibòmíì. Àdùnní, pe ibi ìdánwò náà láago ní ọ̀la, kó o bi wọ́n kó o tó lọ. Má gbàgbé iná bíréèkì.